Fọ́tò ìwé títà ojoojúmọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ: mo tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíìtì, àròpọ̀ ò bá ti ìwé mu

Alákọsílẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tajà, gbogbo ohun tó bá tà lójúmọ́ ló máa ń fọwọ́ kọ sínú ìwé, ó wá fi fóònù ya ìwé náà lójú kọ̀ọ̀kan, fọ́tò 64 ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíìtì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, ọjà, owó, kí àròpọ̀ ọjọ́ yẹn náà sì wà níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ méjì ni, àfi bí mo ṣe tẹ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tán tí kò sí èyí tó bá ohun tí òun fúnra ẹ̀ fi pupa kọ sí ìsàlẹ̀ mu nínú wọn. Ẹ wò ó:

14/3: ìwé ní 6,290, tèmi ní 6,020
15/3: ìwé ní 5,830, tèmi ní 4,930
16/3: ìwé ní 6,650, tèmi ní 10,750

Mo ti tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, ojú mi ti ń ṣú. Ṣé kí n kàn máa gba àròpọ̀ ti ìwé ni kí n má wẹ̀yìn mọ́? Àbí ọ̀nà kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí ń gbà mọ ibi tí àṣìṣe wà láì ní máa ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀?

Olówò-Kékeré:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gba áàpù tí wọ́n fi ń kọ títà sórí fóònù, tó bá ti tẹ ọjà tó sì tẹ owó, áàpù á ro ó pọ̀ fúnra ẹ̀, kò ní sí pé ẹnì kan ń jókòó tẹ ìwé mọ́. Èmi ti ń lò ó, mi ò mú bíírò mọ́.

Alákọsílẹ̀:
@Olówò-Kékeré ẹ ṣeun, màá sọ fún un nítorí ọjọ́ iwájú. Àmọ́ èyí tó ti kọ sínú ìwé ni mò ń sọ, áàpù ò lè bá mi ka ìyẹn.

Ìka-Yíyá:
Kí ló dé tí ẹ ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́? Áàpù tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde nínú fọ́tò wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù báyìí. Ẹ yà á, ẹ dì í mú, ẹ kọ́pì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣíìtì. Mo fi ṣe rìsíìtì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí 200, kò gbà mí ní wákàtí kan.

Àkànkẹ́ T:
@Ìka-Yíyá rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé tí ènìyàn fọwọ́ kọ o. Mo ti dán an wò sórí irú ìwé yìí, mo sì kábàámọ̀. Ẹ mọ àmì méjì yẹn tí àwọn olówò máa ń fà sábẹ́ orúkọ ọjà tó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n tún tà, èyí tó dà bíi ", ẹ̀rọ kà á sí 11. Orúkọ ọjà wá di 11. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni náà máa ń fa ìlà sẹ́yìn owó, bíi 1,400/-, ẹ̀rọ kà á sí 14001. Èyí tó burú ni pé kò ní sọ fún yín pé òun ò mọ̀ ọ́n, á kàn kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó dá ara ẹ̀ lójú, ẹ̀yin náà á sì gbà á gbọ́ torí pé ó ti rí nigínnigín. Fún fọ́tò 64 tó jẹ́ ìkọ̀wé ènìyàn kan ṣoṣo, ọwọ́ ni màá fi tẹ̀ ẹ́.

Ìka-Yíyá:
Ó dáa, mo gbà pé ti ọwọ́ le díẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjà ṣì lè wúlò láti ibẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ tẹ owó nìkan. Kò ní jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òfo.

Bàbá Oníṣirò:
Ẹ má da ara yín láàmú, Alákọsílẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà fún èyí. Ẹ yọ àròpọ̀ kan kúrò nínú ìkejì, ẹ wá pín ìyókù sí 9. Bó bá pín géérégé tí kò sí àjẹkù, a jẹ́ pé ẹ ti yí nọ́ḿbà méjì padà síra wọn níbì kan, bí ẹni tó fẹ́ tẹ 47 tó tẹ 74. Ti 14/3 yín, 270, ó pín sí 9, ó jẹ́ 30. Ti 15/3, 900, òun náà pín sí 9, ó jẹ́ 100. Nítorí náà ọjọ́ méjèèjì yẹn, nọ́ḿbà tí ẹ yí padà ló fà á. Ẹ lọ wá a, ẹ máa rí i. Ti 16/3, 4,100, kò pín sí 9, ìyẹn jẹ́ nǹkan mìíràn.

Alákọsílẹ̀:
Háà, ẹ ṣeun bàbá! Mi ò gbọ́ èyí rí. Mo ń lọ wò ó.

Alákọsílẹ̀:
Mo ti padà dé. Mo wá nọ́ḿbà tí mo yí padà ní 15/3 títí, mi ò rí i. Gbogbo ohun tó wà nínú ṣíìtì mi ló bá fọ́tò mu. Àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wá?

Àkànkẹ́ T:
Ọ̀rọ̀ bàbá dá lórí òótọ́ o, àmọ́ ìdajì ẹ̀ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá yí nọ́ḿbà padà, ìyàtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín sí 9. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó pín sí 9 kọ́ ló jẹ́ nọ́ḿbà tí a yí padà. Bí ẹ bá fi òdo kan kún 150 tó di 1,500, ìyàtọ̀ jẹ́ 1,350, òun náà pín sí 9. Bí ẹ bá fo ìlà kan tí owó ẹ̀ jẹ́ 900, ìyàtọ̀ jẹ́ 900, ó pín sí 9 nítorí pé 900 fúnra ẹ̀ pín sí 9, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú yíyí nọ́ḿbà rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ètò kan tí mo máa ń tẹ̀ lé. Kí n tó pín ohunkóhun sí 9, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá owó ìlà kan wà ní ọjọ́ yẹn tó jẹ́ iye ìyàtọ̀ yẹn gan-an. Ní ti 15/3 yín, mo fẹ́ bi yín: ṣé ọjà kan wà tí owó ẹ̀ jẹ́ 900 lọ́jọ́ yẹn? Tó bá wà, ẹ ka iye ìlà inú fọ́tò, ẹ ka iye ìlà inú ṣíìtì yín. Ẹ má wo nọ́ḿbà kankan, ìlà nìkan ni kí ẹ kà.

Alákọsílẹ̀:
Aunty ẹ ṣeun!!! Ìlà 8 ló wà nínú fọ́tò, 7 ló wà lọ́dọ̀ mi. Bátìrì 6 ló tà ní 900, ó wá kọ àmì " sábẹ́ bátìrì, " sábẹ́ 6, 900 lẹ́ẹ̀kan sí i torí pé ẹlòmíì tún wá ra iye kan náà. Èmi rò pé mo ti tẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe fò ó. Ó wá di 5,830 pé pé.

Àkànkẹ́ T:
Ẹ ṣeun. Ìlà méjì tó jọra tẹ̀lé ara wọn, ibẹ̀ gan-an ni ojú máa ń fò. Ohun tó ń gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé kí n tó tẹ ojú ìwé kan, màá ka ìlà ẹ̀, màá kọ iye ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán tí kò pé iye yẹn mi ò ní yẹ owó wò rárá.

Ẹ fi ìlà 14/3 hàn wá, kí a jọ wá a.

Alákọsílẹ̀:
Ohun tí mo tẹ̀ nìyí, ọjà, ẹyọ, owó:

ọṣẹ, 4, 1,400
bátìrì, 6, 900
gílóòbù, 3, 2,250
okùn, 2, 1,470

Ìlà mẹ́rin, ìwé náà ìlà mẹ́rin. Ìwé ní 6,290.

Bàbá Oníṣirò:
270 pín sí 9 jẹ́ 30. 30 yẹn ń sọ fún yín pé nọ́ḿbà méjì tó kọjú síra wọn ní ipò ogọ́rùn-ún àti ipò mẹ́wàá ni, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ 3. Okùn: 4 àti 7, ìyàtọ̀ 3. Ẹ fẹ́ tẹ 1,740 ni ẹ tẹ 1,470. Ó tán!

Àkànkẹ́ T:
Bàbá, ẹ má bínú, kò tíì tán. Ẹ wo gílóòbù: 2,250, 2 wà ní ipò ogọ́rùn-ún, 5 wà ní ipò mẹ́wàá, ìyàtọ̀ àwọn náà jẹ́ 3. Bó bá jẹ́ pé 2,520 ló wà nínú ìwé, 270 náà ló máa yàtọ̀. Nítorí náà ẹni méjì ni a fura sí, kì í ṣe ẹnì kan. Ọgbọ́n 9 yẹn kàn ń sọ ibi tí ẹ máa wò ni, kò fún yín láṣẹ láti yí nǹkan padà nínú ṣíìtì.

Ohun tó máa yanjú ẹ̀ ni iye ẹyọ. Gílóòbù 3 ní 2,250, ẹyọ kan jẹ́ 750. Bó bá jẹ́ 2,520, ẹyọ kan á jẹ́ 840. Okùn 2 ní 1,470, ẹyọ kan jẹ́ 735, bó bá jẹ́ 1,740 ẹyọ kan á jẹ́ 870. Alákọsílẹ̀, ẹ wo ojú ìwé mìíràn, èló ni ẹ̀gbọ́n yín ń ta ẹyọ gílóòbù, èló ló ń ta okùn kan? Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sórí fọ́tò, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ títí kí ẹ lè rí ìlà okùn dáadáa.

Ẹ rí i, ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi kọ́lọ́ọ̀mù ẹyọ sílẹ̀ láé, bí ẹni tó ní iṣẹ́ ò tilẹ̀ bèèrè fún un. Tí ẹ bá kọ owó nìkan, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Alákọsílẹ̀:
Gílóòbù 750 ni ní gbogbo ibi tí mo wò. Okùn, mo rí i ní ibi mẹ́ta, 870 ni gbogbo ẹ̀. Mo fẹ fọ́tò, 1,740 ló kọ, 7 ẹ̀ ló ní ìlà láàárín, mo wá pàrọ̀ méjèèjì. 6,290 báyìí. Àmọ́ 16/3 ńkọ́? Tèmi ló fi 4,100 ju ti ìwé lọ.

Ṣíìtì-Mi:
Ṣé ọjọ́ yẹn wà lórí ojú ìwé méjì?

Alákọsílẹ̀:
Bẹ́ẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fọ́tò kan ó parí sí òkè èkejì. Ohun tó wà níbẹ̀: 2,100, 650, 1,350, lẹ́yìn náà C/F tí ó fi ìlà sábẹ́ ẹ̀. Lójú kejì: B/F 4,100, 1,750, 800. Mi ò mọ ọjà tí B/F jẹ́, mo kàn tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣíìtì-Mi:
Ọjà kọ́ o 🙏 B/F ni iye tí a gbé wá láti ojú ìwé tó ṣáájú. 2,100, 650 àti 1,350 ló pọ̀ di 4,100 yẹn, ó kàn tún un kọ sókè ojú tuntun kó má baà gbàgbé ni. Ẹ ti kà á tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá kà á. C/F ni ti ìsàlẹ̀, ohun tó ń gbé lọ. Ẹ pa B/F rẹ́, ẹ máa rí 6,650.

Alákọsílẹ̀:
Ó bá a mu. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọjà B/F ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà jù 😩

Àkànkẹ́ T:
Ó dáa báyìí. Ó ku bí ẹ ṣe máa tò ó kí ẹ má baà máa wá àṣìṣe fún àwọn fọ́tò tó kù bí ẹ ṣe wá ti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọdún 7 ni mo ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ irú ìwé báyìí, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Ṣíìtì méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ẹ pè é ní Tita, ìlà kan fún ọjà kan, kọ́lọ́ọ̀mù A nọ́ḿbà fọ́tò, B ọjọ́, C ọjà, D ẹyọ, E owó, F àkíyèsí. Ẹ má jẹ́ kí àròpọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi ìlà àròpọ̀ sáàárín ìlà ọjà, ọjọ́ tó bá fẹ́ ro oṣù pọ̀, gbogbo nǹkan á di ìlọ́po méjì, ọ̀ràn B/F yẹn náà ni. Ṣíìtì kejì ni ti àròpọ̀: A ọjọ́, B iye tí ẹ̀gbọ́n yín fi pupa kọ, ẹ fọwọ́ tẹ ìyẹn, C ohun tí ṣíìtì fúnra ẹ̀ rò pọ̀, D ìyàtọ̀. Fọ́múlà C2 àti D2 nìyí:

```
=SUMIFS(Tita!E:E,Tita!B:B,A2)
=B2-C2
```

Ibi tí D bá ti jẹ́ 0, ẹ kọjá. Ibi tí kì í bá ṣe 0, ibẹ̀ nìkan ni ẹ ó ti ka ìlà, wo ìlà tí owó ẹ̀ jẹ́ iye ìyàtọ̀ náà, wo B/F, lẹ́yìn náà kí ẹ tó fi 9 pín in. Bí ó bá fi mínọ́ọ̀sì hàn, tiyín ló pọ̀ ju ti ìwé lọ, ẹ wá ohun tí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ḿbà fọ́tò yẹn ẹ má fojú kéré ẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí ẹnì kan á bi yín pé níbo ni ẹ ti rí ọ̀rọ̀ yìí, bí kò bá sí nọ́ḿbà ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìwé:
Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àyàfi pé mi ò rí i pé ó burú láti fi àròpọ̀ sí kọ́lọ́ọ̀mù ti ara ẹ̀ lórí ìlà tó kẹ́yìn ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n wọn á sì dá a mọ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ni, kò ní kan owó.

Àkànkẹ́ T:
Ó lè ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá ní to ṣíìtì náà lẹ́sẹẹsẹ láé. Ọjọ́ tí ẹ bá tò ó ní ti orúkọ ọjà kí ẹ lè rí èyí tó ń tà jù, ìlà ọṣẹ kan á gbé àròpọ̀ ọjọ́ kan dání lọ síbi tí kò kàn án. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn sì fẹ́ mọ̀ nìyẹn gan-an, èyí tó ń tà jù.

Alákọsílẹ̀:
Ìbéèrè kan o. Ó máa ń kọ ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sókè, àwọn ìlà ìsàlẹ̀ ò ní ọjọ́. Ṣé dandan ni kí n tẹ̀ ẹ́ sórí gbogbo wọn? Ó pọ̀ jù.

Ìka-Yíyá:
Ẹ fi òfo sílẹ̀, ẹ wá kún un lẹ́yìn. Lórí Excel, ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù ọjọ́ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà tó kẹ́yìn, ẹ tẹ F5, Special, Blanks, ẹ tẹ =, ẹ tẹ ọfà tó kọjú sókè, ẹ wá tẹ Ctrl+Enter. Gbogbo òfo á mú ọjọ́ tó wà lókè ẹ̀.

Ṣíìtì-Mi:
Ó tọ́, àmọ́ ẹ gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ kọ́pì kọ́lọ́ọ̀mù náà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀ bí iye lásán, Paste Special, Values. Bí ẹ bá fi fọ́múlà sílẹ̀ tí ẹ wá to ṣíìtì náà, ìlà kọ̀ọ̀kan á máa wo ohun tó wà lókè ẹ̀ báyìí kì í ṣe èyí tó wà lókè ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ á dà rú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, n kò mọ̀ títí tí mo fi rí ohun tí a tà lọ́jọ́ tí a ò ṣílẹ̀kùn.

Ti ọjọ́ náà ẹ ṣọ́ra sí i. Bí kọ̀ǹpútà yín bá wà ní ètò tó ń fi oṣù ṣáájú, tí ẹ bá tẹ 4/3/2023 pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni, á gbà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin kò sì ní sọ nǹkan kan. Tí ẹ bá wá dé 14/3/2023, kò sí oṣù kẹrìnlá, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ fi ojú wò ó: ọjọ́ gidi máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ lásán á fara ti ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá rí àwọn kan lọ́tùn-ún àwọn kan lósì, ẹ má wulẹ̀ ṣàtúnṣe ti òsì nìkan, ti ọ̀tún gan-an ló ti bàjẹ́ láìkígbe.

Èmi máa ń ya ọjọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta, ọdún, oṣù, ọjọ́, màá wá jẹ́ kí fọ́múlà so wọ́n pọ̀ níbòmíràn. Bó bá jẹ́ pé H ni ọdún, I oṣù, J ọjọ́:

```
=DATE(H2,I2,J2)
```

Kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan tó lè yí ìyẹn padà.

Alákọsílẹ̀:
Mo lọ wò ó kíá, ti èmi ní ọ̀tún àti òsì méjèèjì 😳 Ẹ ṣeun, ẹ ò mọ ohun tí ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Olówò-Kékeré:
Ẹ jọ̀ọ́ èmi náà ní ìbéèrè, torí ìwé àtijọ́ tèmi ṣì wà nílé. Ìlà tí mo fi bíírò fagi lé, bí ẹni pé oníbàárà dá ọjà padà, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ tàbí kí n fò ó?

Ọmọ Ìwé:
Ẹ fò ó. Kò sí títà níbẹ̀.

Àkànkẹ́ T:
Èmi máa ń tẹ̀ ẹ́, màá kọ 0 sí owó, màá kọ «fagi lé» àti iye tó wà níbẹ̀ sí àkíyèsí. Bí ẹ bá fò ó, iye ìlà ò ní pé, ẹ ó sì máa wá ìlà tí kò sọnù.

Ọmọ Ìwé:
Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ra ọjà kan, ìlà 0 yẹn á kún un. Mi ò gbà o.

Bàbá Oníṣirò:
Ẹ bi ẹni tó ni ìwé. Nígbà mìíràn wọ́n fagi lé e torí pé ó ṣì kọ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n dá ọjà padà. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Alákọsílẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo ti tẹ fọ́tò 11 báyìí pẹ̀lú ṣíìtì méjì yẹn. Ọjọ́ 19 ni, 17 jẹ́ 0. Ọ̀kan fi 40 yàtọ̀, mo ka ìlà ó pé, mo fẹ fọ́tò ó pé, iye ẹyọ gbogbo ẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo pè, ó tún un rò, ó ní òun gan-an ló ṣì í rò lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n wá yí iye pupa padà nínú ṣíìtì?

Àkànkẹ́ T:
Rárá o. Kọ́lọ́ọ̀mù B jẹ́ ohun tó wà nínú ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ìwé ló ṣì í rò, pé ẹ ti bi í, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bi í. Ìkejì ńkọ́?

Alákọsílẹ̀:
Ìkejì, igun fọ́tò ló dúdú, òjìji ọwọ́ ẹ̀ bo owó ìlà méjì tó kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ pọ̀ di 1,950 kí àròpọ̀ lè bá a mu, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe pín.

Àkànkẹ́ T:
Ẹ má fọgbọ́n orí pín in. Ẹ fi owó méjèèjì sílẹ̀ ní òfo, ẹ kọ «kò hàn» sí àkíyèsí, kí ẹ ní kó tún ojú ìwé yẹn yà. Kó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó pa fúláàṣì, kí fóònù wà lókè tààrà kó má dà gẹ̀rẹ̀. Bí yíǹkì ẹ̀yìn ìwé bá ń yọ síwájú, kó fi ìwé dúdú kan sẹ́yìn ojú tó ń yà.

Alákọsílẹ̀:
Ó ti ń yà á báyìí. Màá padà wá.